Bí A Ṣe Ń Kọ Àtẹ̀jíṣẹ́ Kan Náà sí Àgbà àti sí Ọ̀rẹ́

Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí ọ̀rẹ́ mi ní Ìkọ̀lé nígbà kan. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo rántí pé ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà gbọ́, mo bá da ọ̀rọ̀ kan náà kọ, mo fi "Ẹ kú ilé, Bàbá" síwájú, mo fi "Ẹ ṣeun, sà" sẹ́yìn, mo fi ránṣẹ́. Mi ò rí i pé "tí o bá ti rí i, fèsì" ṣì wà láàárín. Bàbá kò fèsì. Màmá mi ni wọ́n pè, wọ́n sì bi Màmá bóyá iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Adó ló sọ mí di ẹni tí ń pàṣẹ fún àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, nítorí mi ò ní in lọ́kàn rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wo ibi tí ọ̀wọ̀ ń gbé nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ọ̀rọ̀ yìí le fún àwa ará Èkìtì ju bí ó ṣe le fún ará Ọ̀yọ́ lọ. Ẹni tó bá dàgbà sí ìgbèríko wa mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè wa kò gbára lé "ẹ" láti fi bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe gbára lé e. Ìyá mi àgbà a máa fi "ùwọ" bá ẹni tó jù wọ́n lọ sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí àfojúdi, nítorí pé orúnkún wọn ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ohùn wọn rọ̀, ojú wọn kò sì wo ojú ẹni náà gan-an. Lórí fóònù, àgbà kò rí orúnkún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́ ohùn. Yorùbá tí a kọ́ ní ilé-ìwé, tí a ń gbọ́ lórí rédíò àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni a sì fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Nínú Yorùbá yẹn, "o" sí àgbà jẹ́ ìwọ̀sí. Bí ẹni tó ń kà á bá tilẹ̀ jẹ́ ará ilé wa tó ń gbọ́ "ùwọ" lójoojúmọ́, tó bá ti rí "o" lójú fóònù, ará Ọ̀yọ́ ló máa fi kà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí a sì tẹ̀ lé e dé òpin. Ìpàdé ẹbí wà ní Ìkọ̀lé ní Sátidé. Adó ni mo wà, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìgbà iṣẹ́ mi, mi ò ní lè lọ. Mo ti san 10,000 náírà tèmi sínú àkáǹtì ẹbí. Sọ́ńdè ni màá gba ọ̀nà Ìfàkì àti Ọyẹ́ lọ sílé. Mo tún fẹ́ kí Màmá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá Bàbá Àgbà sọ́dọ̀ ara wọn títí màá fi dé. Àwọn méjì ló gbọ́dọ̀ gbọ́: ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń darí ìpàdé, àti Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà.

Àkọ́kọ́: ti àgbà ni kí o kọ́kọ́ kọ

Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ti ọ̀rẹ́ ṣáájú nítorí pé ó yá lọ́wọ́, lẹ́yìn náà la ó wá máa fi ọ̀wọ̀ kún un. Ohun tí mo ṣe nìyẹn tí ó fi bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kọ ti àgbà ṣáájú, kí o wá máa yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Bí "ẹ" kan bá ṣèèṣì ṣẹ́kù nínú ti ọ̀rẹ́, yóò bi ọ́ pé kí ló dé, ẹ ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Bí "o" kan bá ṣẹ́kù nínú ti àgbà, wọn kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìyá rẹ ni wọ́n máa bi.

Kí o tó kọ ọ́ náà, mọ ẹni tó jẹ́ àgbà sí ọ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Ìyàwó ilé a máa fi "ẹ" kọ̀wé sí àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti bí kó tó wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù ú lọ. Ẹni tí ẹ jọ ṣe kíláàsì kan náà tó ti wá jẹ oyè, "ẹ" ni o máa kọ sí i níbi tí ojú ẹlòmíì bá wà, bíi nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù ìlú, bí ẹ bá tilẹ̀ ń pe ara yín ní "ìwọ" ní kọ̀rọ̀. Tí o kò bá mọ èyí tó yẹ, kọ "ẹ". Bí ẹni náà kò bá fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé kí o yé fi "ẹ" pe òun.

Èkejì: ìkíni, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rẹ́ kò nílò rẹ̀. "Bọ́lá" tó. Ṣùgbọ́n àgbà tó ṣí fóònù tó sì rí i pé "mi ò ní lè wá" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí ẹni pé o já wọlé láìkàn ilẹ̀kùn ni yóò rí i.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí. A kì í mọ ìgbà tí àgbà máa ka àtẹ̀jíṣẹ́. O lè kọ "Ẹ káàárọ̀" ní aago méje, kí Bàbá má sì wo fóònù àfi nígbà tí wọ́n bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìkíni tí kò bá àkókò so mọ́ra ló dára jù. "Ẹ kú ilé o" bá a mu dáadáa, nítorí ẹni tó wà lájò ló ń fi kí ẹni tó wà nílé. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti gbọ́ra yín, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Lẹ́yìn náà, kọ orúnkún rẹ sílẹ̀ gan-an: "Mo kúnlẹ̀ kí yín" bí o bá jẹ́ obìnrin, "Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín" bí o bá jẹ́ ọkùnrin. Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ fún mi pé èyí ti pọ̀ jù. Mi ò gbà. Ohun tí ara rẹ ì bá ṣe bí o bá wọ àgbàlá ni, o kàn kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ọ ni.

Má fi orúkọ pe àgbà láìsí oyè tàbí orúkọ ọmọ níwájú rẹ̀. Bàbá, Màmá, Bùọ̀dá, Àǹtí, Bàbá Ṣọlá, èyíkéyìí tí o máa ń pè wọ́n lójú wọn ni kí o kọ.

Ẹ̀kẹta: àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Níbí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, nítorí kì í ṣe "o" nìkan ló ń yí padà. Bí o bá yí ọ̀kan padà, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. "O" ń di "ẹ". "Ìwọ" ń di "ẹ̀yin". "Owó rẹ" ń di "owó yín". "Mo rí ọ" ń di "mo rí yín". Àwọn tó sábà máa ń sá pamọ́ ni àwọn tó wà lẹ́yìn "kí", "tí", "bí" àti "nígbà tí". Ẹnìkan á kọ "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí o bá mi wò ó", tí yóò sì rò pé "ẹ jọ̀ọ́" ti bo gbogbo rẹ̀. Kò bò ó. "Sà" àti "mà" náà kò bò ó. "Ṣé o ti gbà á, sà?" burú ju kí sà má sí níbẹ̀ rárá lọ, torí pé ó ń fi hàn pé o mọ̀ pé àgbà ni.

Èyí tó fara sin jù ni "ẹ" tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, a máa ń sọ pé "mo kí ẹ", "màá pè ẹ́", dípò "mo kí ọ", "màá pè ọ́". "Ẹ" yìí kì í ṣe ti ọ̀wọ̀ o. Ti ojúgbà ni. Ẹni tó bá kọ "Bàbá, mo fẹ́ rí ẹ" rò pé òun ti bọ̀wọ̀ nítorí pé ó rí lẹ́tà "ẹ", bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń sọ sí ọmọdé ló sọ. Ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, "yín" nìkan ni ti àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ilé ẹ" àti "ilé yín".

Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ń fẹ́ "ẹ" tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ gbà á, wò ó dáadáa" ti já sí àṣẹ ní ìdajì. "Ẹ gbà á, kí ẹ wò ó dáadáa" ni yóò jẹ́.

Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí, ìyẹn ẹnìkẹta, kì í ṣe ẹni tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń pinnu. Màmá kò di ojúgbà mi nítorí pé Bọ́lá ni mò ń kọ̀wé sí. "Sọ fún Màmá kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀" ni màá kọ sí Bọ́lá, kì í ṣe "kí ó fi". Ní ìdà kejì, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ Bọ́lá fún Bàbá, "ó" ni: "Bọ́lá ní òun máa wá, ó ti wọkọ̀." Bí mo bá kọ "wọ́n ti wọkọ̀" fún Bọ́lá nínú àtẹ̀jíṣẹ́ sí Bàbá, mo ti gbé ojúgbà mi sókè níwájú àgbà, kò sì dára. Ẹ ṣọ́ "wọ́n" tí kò ní orúkọ níwájú pẹ̀lú. "Wọ́n ti dé" lè jẹ́ àgbà kan, ó lè jẹ́ èrò ọkọ̀ mẹ́rìnlá. Kọ orúkọ lẹ́ẹ̀kan kí "wọ́n" tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹrin: ètò ọ̀rọ̀, àti ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá

Sí ọ̀rẹ́, ìdáhùn ló ń ṣáájú: mi ò wá mọ́, ìdí rẹ̀ nìyí. Sí àgbà, ìdí ló ń ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kíkọ̀ ń bọ̀, kíkọ̀ náà kì í sì í dá dúró. "Mi ò ní wá" dà bí ẹni pé o ti pinnu kó o tó kọ̀wé. "Kò ní ṣeé ṣe fún mi láti wà níbẹ̀" gbé e sórí ohun tó dí ọ lọ́wọ́, tí òtítọ́ sì ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó. "Mo ti san 10,000" tó fún Bọ́lá. Fún Bàbá, má kọ ọ́ bí ẹni tó ń ka gbèsè tó ti san. "Mo ti fi 10,000 náírà tèmi ránṣẹ́" dára. Bí ó bá jẹ́ pé Bàbá fúnra wọn ni o fi owó ránṣẹ́ sí, "kí ẹ fi ra omi mu" la máa ń fi kún un, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Kọ́kọ́rọ́ wá ńkọ́? Èyí kò lè sí nínú ti Bàbá. Bí mo bá kọ "Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀", gbogbo arọ́pò-orúkọ ibẹ̀ tọ́, "ẹ" wà níbẹ̀, "wọ́n" wà níbẹ̀, síbẹ̀ mo ti rán olórí ẹbí níṣẹ́ lọ bá ìyàwó ilé. Bọ́lá ni mo lè rán. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń yí àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí méjì, bi ara rẹ léèrè nípa gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bóyá o lè sọ ọ́ lójú àgbà náà rárá, kó o tó máa wo bí o ṣe máa sọ ọ́. Irú rẹ̀ ni "Ẹ pè mí bí ẹ bá rí i", "Ẹ tètè dá mi lóhùn", "Ṣé ẹ gbọ́?" àti "Ẹ má gbàgbé o". "Ẹ" wà nínú gbogbo wọn, àṣẹ ṣì ni wọ́n. Èmi ni mo máa pe Bàbá, kì í ṣe àwọn ni wọ́n máa pè mí. Bí mo bá sì fẹ́ rán wọn létí nǹkan, mo máa ń kọ "Mo ní kí n rán yín létí ni".

Àwọn méjèèjì rèé

Èyí tí mo kọ sí Bàbá:

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Bàbá, ọ̀rọ̀ ìpàdé Sátidé ni mo fẹ́ fi tó yín létí. Wọ́n pààrọ̀ ìgbà iṣẹ́ mi, Sátidé gan-an ni wọ́n fi mí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kò ní ṣeé ṣe fún mi láti wà níbẹ̀. Mo ti fi 10,000 náírà tèmi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹbí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, màá wá kí yín ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Màá pè yín ní ìrọ̀lẹ́ òní láti gbọ́ ohun tí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe. Ẹ ṣeun, sà. Èmi ọmọ yín, Fúnmi, láti Adó."

Èyí tí mo kọ sí Bọ́lá:

"Bọ́lá, mi ò lè wá ní Sátidé mọ́ o, wọ́n tún ti pààrọ̀ ìgbà iṣẹ́ mi. Mo ti san 10,000 tèmi. Bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá Bàbá Àgbà sọ́dọ̀, Sọ́ńdè ni màá dé. Bí o bá ti rí wọn, fèsì. Má jẹ́ kí n máa ronú o."

Ti Bọ́lá kò tó ìdajì ti Bàbá, síbẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ti Bàbá lọ, torí kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo "tún" inú rẹ̀ náà. Mo lè fi ìbínú mi sí iṣẹ́ mi hàn Bọ́lá. Nínú ti Bàbá, mo yọ ọ́ kúrò, kó má baà dà bíi pé mò ń ṣàròyé sí àgbà lójú ibi tí mo ti yẹ kí n máa bẹ̀bẹ̀.

Fóònù Bàbá

Fóònù oníbọ́tìnnì ni Bàbá ń lò, kò sí Wasáàpù níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀ fún gbọ́dọ̀ mọ èyí: àtẹ̀jíṣẹ́ lásán gba lẹ́tà 160 lójú ewé kan, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, yóò já sí 70. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn tí wọ́n ní láti so ojú ewé pọ̀, 153 ni ti lásán, 67 ni ti alámì. Lẹ́tà tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ pọ̀, bíi "ẹ́", sábà máa ń gba àyè lẹ́tà méjì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí Bàbá yẹn máa lé ní ojú ewé mẹ́fà bí mo bá fi gbogbo àmì sí i, wọ́n á sì gba owó ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Fóònù àtijọ́ míì kò tilẹ̀ ní lẹ́tà alámì, àpótí òfìfo ló máa ń fi hàn dípò wọn.

Nítorí náà, láìsí àmì ni mo máa ń kọ sí fóònù yẹn, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣọ́ ibi tí àìsí àmì lè ba ọ̀wọ̀ jẹ́. "E ku ile o, Baba" kò ní ìṣòro. "Mo ki e" ní ìṣòro, torí kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí mo ní lọ́kàn. "Mo ki yin" ni mo máa ń kọ, kò ṣeé ṣì kà. Bí gbólóhùn kan bá wà tí "e" inú rẹ̀ lè mú iyèméjì wá, mo máa ń yí i padà títí "yin" yóò fi wọ ibẹ̀.

Kí o tó tẹ̀ ẹ́ lọ

Ka ti àgbà sókè sétí ara rẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mọ "o" tí ojú fò. Lẹ́yìn náà, wá "o", "rẹ", "ìwọ" àti "ẹ" ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ka orúkọ ẹni tó wà lókè ojú fóònù pẹ̀lú, nítorí pé mo ti rí ẹni tó kọ méjèèjì dáadáa tó sì fi ti ọ̀rẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀.

Èsì ni yóò sọ fún ọ bóyá ó dára. Àgbà tí inú rẹ̀ dùn máa ń gbàdúrà nínú èsì rẹ̀, bó ti wù kó kúrú. "Mo ti gbọ́" láìsí àdúrà, láìsí "ọmọ mi", jẹ́ àmì pé nǹkan kan kù síbì kan, má sì dúró kó o tó pè. Má tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ kejì ṣe àtúnṣe àkọ́kọ́. Pè, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ. Bí àgbà bá fèsì, má fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè dá wọn lóhùn, má sì kọ "ó dáa", nítorí pé ẹni tó ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣeun" tó.

Ti ọ̀rẹ́ náà lè bàjẹ́, lọ́nà kejì. Ní ọjọ́ kan tí ó ti rẹ̀ mí, mo gbàgbé, mo fi ti àgbà ránṣẹ́ sí Bọ́lá láìyọ nǹkan kan kúrò àfi orúkọ. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi pè mí. "Fúnmi, kí ni mo ṣe fún ẹ?" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.